Fóònù tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò gba àtúnṣe mọ́

Ẹni tó ń ta fóònù tòkunbọ̀ ní Mápó máa sọ fún yín pé bátìrì ẹ̀ ṣì lágbára, ojú ẹ̀ ò sán. Ọjọ́ kan wà nínú fóònù náà tí kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, kí ẹ wá Android security update. Ká ní 5 March 2019 lẹ bá níbẹ̀. Ìyẹn ni ọjọ́ tí wọ́n bá a dí ihò kẹ́yìn.

Kí ló dé tí wọn ò ṣe é mọ́? Lóòótọ́, wọ́n fẹ́ ká ra tuntun, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Google ló ń kọ Android, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù, bíi MediaTek tàbí Qualcomm, ló ń kọ sọ́fítíwíà tí Android fi ń bá kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ̀kì ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pa ṣíìpù náà tì, ọwọ́ ẹni tó ṣe fóònù ò fi bẹ́ẹ̀ tó o mọ́. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá tiẹ̀ tó o, ó gbọ́dọ̀ dán àtúnṣe náà wò lórí irú fóònù yẹn gan-an, owó sì ni. Fóònù tó ti tà tán ò mówó wọlé mọ́.

Ní July 2015 ni wọ́n kéde ihò kan tí wọ́n ń pè ní Stagefright, nínú apá Android tó ń ka fídíò. Nọ́ńbà yín nìkan ni olè nílò: á fi fídíò ránṣẹ́ nípasẹ̀ MMS, fóònù á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i, kóòdù tó fi pamọ́ síbẹ̀ á sì ṣiṣẹ́. Láti August ọdún yẹn ni Google ti ń kéde àwọn ihò tó dí lóṣooṣù. Olè náà ń ka ìkéde ọ̀hún o! Fún fóònù tí kò rí àtúnṣe gbà, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n sọ fún gbogbo àdúgbò pé fèrèsé yín kan ò ṣeé tì.

Ẹ má jẹ́ kí Your system is up to date tàn yín jẹ. Ó lè jẹ́ pé kò sí òmíràn tó ń bọ̀ fún fóònù yẹn ni. Ẹ má sì dúró dìgbà tí WhatsApp máa kọ̀ ọ́: ọdún 2013 ni Android 4.4 jáde, 1 January 2025 ni WhatsApp tó pa á tì.

Lójú tèmi, tí ọjọ́ yẹn bá ti lé lọ́dún kan, tí òmíràn ò sì wọlé, ẹ yọ áápù báńkì kúrò. Ẹ yọ síìmù tí báńkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí náà, torí ẹni tó bá wọ inú fóònù lè ka kóòdù yẹn. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó síìmù ọ̀hún. Ẹ yọ Gmail yín, kẹ́ ẹ ṣe Factory reset, kó wá di ti orin àti rédíò.