Ẹ Káàbọ̀ Sípò, Ọ̀gá Tuntun: Ọwọ́ Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè

Ẹ̀yin tí ẹ ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì títí di àná ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣe máníjà báyìí. Òwe kan ni mo fi kí yín káàbọ̀: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kí ó má kọ̀ ọ́.

Ibi tí òwe yìí ti kan ọ̀gá ni ti kèrègbè. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí ló mọ bí ìyẹ̀fun ṣe ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí ọ́fíìsì. Nítorí náà, ẹ máa béèrè kí ẹ tó pàṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká ní búrẹ́dì ń jáde ní pẹlẹbẹ, tí orí rẹ̀ ń rì. Ọ̀gá tuntun lè rò pé ẹni tó pò ó kò mọṣẹ́, kó ká apá aṣọ sókè, kó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá béèrè ni, wọn ì bá sọ fún un pé ìyẹ̀fun ti wú dáadáa nínú páànù, ààrò ni kò tíì gbóná torí pé dísẹ́ẹ̀lì tán. Ìyẹ̀fun tó bá wú kọjá àkókò, pàápàá nínú ooru, kì í lè gbé ara rẹ̀ dúró mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ èyí, àmọ́ akáńtì ló ń fọwọ́ sí owó dísẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ wọn kò sì tó ibẹ̀.

Pẹpẹ gan-an nìyẹn, ọwọ́ tiyín ló tó o. Ẹ lọ bá akáńtì, kí ẹ jọ fẹnu kò pé bí dúrọ́ọ̀mù bá ti kù sí ìdajì ni kí wọ́n máa ra òmíràn. Bó gbà, bó kọ̀, ẹ padà wá jábọ̀ fún àwọn tó rán yín.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́ tí agbára rẹ̀ kò ká. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá ọjọ́ èsì, ẹ má sì ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ yín. Ìrẹ̀lẹ̀ kò ní kí ẹ má bá ẹni tó ń pẹ́ wí o. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ẹ máa bá gbogbo èèyàn ṣe iṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá wà nídìí ẹ̀rọ, ta ni yóò lọ bá akáńtì?

Bó bá di pé ẹnu oníbàárà lẹ ti ń gbọ́ pé búrẹ́dì bàjẹ́, ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rù yín. Ẹ tètè padà lọ béèrè.