Ímeèlì sí Ọ̀gá, Ímeèlì sí Ẹlẹgbẹ́

Gbogbo ẹni tó kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ló mọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Ti àìgbẹ̀fẹ́ ní àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni ìbẹ̀rẹ̀, àkọlé, kókó ọ̀rọ̀, àti ìkádìí tí a ti ń kọ “Èmi ni tiyín ní tòótọ́” kí a tó buwọ́ lù ú. Ímeèlì dé, ó gba àdírẹ́sì àti déètì kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀rọ ló ń fi wọ́n sí i fúnra rẹ̀. Ìkíni, àkọlé, ọ̀rọ̀ àti ìkádìí nìkan ló ṣẹ́ kù fún ènìyàn láti ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, nítorí ojú kan náà tí òṣìṣẹ́ ti ń kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba láàárọ̀ ló tún ti ń bá ẹni tó jókòó ní tábìlì kejì ṣàwàdà lọ́sàn-án.

Ká wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ènìyàn méjì. Ká ní òṣìṣẹ́ kan wà ní ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Òun ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún àwọn tó ń tọ́jú fáìlì, láti ọjọ́ 9 sí 11, oṣù Kẹfà, 2026. Ìjì jà lálẹ́ Sátidé, ó ṣí apá kan òrùlé gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò. Àwọn oníṣẹ́ òde ní àtúnṣe yóò parí ní ọjọ́ 13. Ó di dandan kí ètò náà sún síwájú lọ́sẹ̀ kan, àṣẹ akọ̀wé àgbà ló sì lè sún un. Lọ́wọ́ kan náà, ẹnì kan ní ẹ̀ka ìṣúná ti fẹ́ san owó fún olóúnjẹ, ó yẹ kí wọ́n dá a dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí àwọn méjèèjì, wọ́n á kàn lẹ “sà” mọ́ ti ọ̀gá. Kò tó. Ẹni tó wà ní ìṣúná ti mọ ìtàn ètò náà látìbẹ̀rẹ̀, ó mọ olóúnjẹ, ó mọ gbọ̀ngàn. Akọ̀wé àgbà ní tirẹ̀ ní ẹ̀ka púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má rántí pé òun ti fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà míì, akọ̀wé tó jókòó sí iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ka ímeèlì náà, tó máa pinnu bóyá kó gbé e wọlé lónìí tàbí lọ́la. Nítorí náà, ímeèlì sí ọ̀gá gbọ́dọ̀ yé ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ìnagijẹ gbọ̀ngàn, ìkékúrú orúkọ ẹ̀ka àti “ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ lánàá” kò ní ibì kankan níbẹ̀.

Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ rárá, ó ní ìbéèrè kan láti dáhùn: ta ló yẹ kó gbà á? Nínú iṣẹ́ ìjọba, ìwé òṣìṣẹ́ kékeré kì í fò kọjá olórí ẹ̀ka. Lórí ìwé, wọ́n á kọ “Nípasẹ̀ Olùdarí” sábẹ́ orúkọ ẹni tí ìwé náà ń lọ bá, olùdarí á sì fi èrò tirẹ̀ sí i kó tó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ímeèlì kò ní àyè fún “nípasẹ̀”. Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání ni kí òṣìṣẹ́ náà fi orúkọ olùdarí sí `To`, kó bẹ̀ ẹ́ nínú ìlà kan pé kó bá òun fi ránṣẹ́ sókè, kó sì kọ ìyókù bíi pé akọ̀wé àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ akọ̀wé àgbà sí `To`, tó wá fi olùdarí sí `Cc`, ti fi olùdarí ṣe òǹwòran lórí iṣẹ́ ara rẹ̀. Kò sí “ẹ jọ̀wọ́, sà” tó lè tún ìyẹn ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àkọlé. Lójú fóònù, ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ rí ni orúkọ ẹni tó kọ̀wé, àkọlé, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ímeèlì náà. “Ìkíni” tàbí “Ọ̀rọ̀ pàtàkì” kò sọ nǹkan kan. Àkọlé tó dára máa ń sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀gá ṣe. Èyí ni bí òṣìṣẹ́ wa ṣe lè kọ ọ́:

“Ìtọrọ àṣẹ láti sún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùtọ́jú fáìlì sí ọjọ́ 16 sí 18, oṣù Kẹfà

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àṣẹ yín kí a lè sún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùtọ́jú fáìlì láti ọjọ́ 9 sí 11 lọ sí ọjọ́ 16 sí 18, oṣù Kẹfà, 2026, nínú gbọ̀ngàn kan náà.

Ìjì tó jà lálẹ́ Sátidé ṣí apá kan òrùlé gbọ̀ngàn náà, ẹ̀ka iṣẹ́ òde sì sọ pé àtúnṣe yóò parí ní ọjọ́ 13. Ìyípadà yìí kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó tí ẹ ti fọwọ́ sí. Olóúnjẹ yóò lọ ra ọjà ní ọ̀sán ọjọ́ 4. Bí ọjọ́ tuntun bá ti jáde ṣáájú ìgbà náà, kò ní sí àdánù.

Mo so ìwé ẹ̀ka iṣẹ́ òde mọ́ ọn.

Ẹ ṣeun, sà.”

Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún yóò wà, pẹ̀lú ipò rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù.

Ẹ wo ìlà tó sọ̀rọ̀ olóúnjẹ. Òṣìṣẹ́ náà nílò èsì kó tó di ọ̀sán ọjọ́ 4, àmọ́ kò pàṣẹ fún ọ̀gá pé kó dáhùn. Ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 4, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá. Ẹni tó bá kọ “Ẹ fèsì kó tó di Ọjọ́bọ̀” sí akọ̀wé àgbà ti dá gbèdéke fún ẹni tó ń dá gbèdéke fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “ẹ” ló lò. Ẹni tó sì bẹ̀rù débi pé kò sọ ọjọ́ kankan yóò gba èsì lẹ́yìn tí olóúnjẹ bá ti ra ẹran tán.

Àṣejù tún wà ní apá kejì. Àwa tí a fẹ́ràn kíkí, a lè fi gbogbo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kí ọ̀gá kú ọ̀sẹ̀, kú ìnáwó ìgbéyàwó ọmọ, kú àmójútó ìlú, kí a tó débi ọ̀rọ̀. Lójúkojú, ìyẹn dára. Nínú ímeèlì, ìkíni náà ló máa gba àyè kékeré tí fóònù fi ń hàn ṣáájú, ọ̀gá kò sì ní rí ohun tí wọ́n ń tọrọ àfi tó bá ṣí i. Ìlà ìkíni kan tó. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “sà”. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń kọ ímeèlì, kò sì ní “ẹ” tó máa gbé ọ̀wọ̀ wa, ni àwọn kan bá ń fi “sà” parí gbogbo gbólóhùn. Ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan níparí, ọ̀wọ̀ náà ti pé.

Ó ku ẹni ìṣúná. Èyí ni tirẹ̀:

“Akáńtì wa, kú iṣẹ́ o. Ìjì ti ṣí òrùlé gbọ̀ngàn, a ti ń tọrọ àṣẹ láti sún ètò sí ọjọ́ 16. Jọ̀ọ́, má tíì san owó olóúnjẹ. Bí àṣẹ bá ti jáde, màá pè ọ́.”

Ó parí. Kò sí àlàyé lórí iṣẹ́ òde, kò sí orúkọ kíkún, kò sí ipò. Ẹ̀bẹ̀ náà tààrà ni, nítorí ẹlẹgbẹ́ nílò láti mọ ohun tó máa ṣe kíá, àkọlé “Má tíì san owó olóúnjẹ” sì tó o.

Àmọ́ ẹlẹgbẹ́ náà ní ìpele. Bí ẹni ìṣúná bá jẹ́ ẹni tó ju òṣìṣẹ́ wa lọ ní ọjọ́ orí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san án” ni yóò kọ, bí lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bí ọ̀gá bá sì kéré sí òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ orí, ipò ló máa borí nínú ímeèlì iṣẹ́: “ẹ” ni yóò gbà, ohun yòówù kí wọ́n máa pe ara wọn ní ibi ìnáwó.

Ohun tó ya ni lẹ́nu ni pé ọ̀wọ̀ àpọ́jù lè di ìjà láàárín ẹgbẹ́. Ká ní akáńtì kò fèsì, òṣìṣẹ́ wa wá kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ka sí ímeèlì mi ti ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, èyí tí mi ò tíì rí èsì rẹ̀ gbà.” Ó tún fi ọ̀gá àwọn méjèèjì sí `Cc`. Kò sí èébú nínú gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé bí kúẹ́rì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Akáńtì yóò gbà pé wọ́n ti ń kó ẹ̀rí jọ lé òun lórí, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ tirẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Ìpè fóònù kan ì bá ti parí rẹ̀. `Cc` sí ọ̀gá wúlò nígbà tí owó tàbí ọjọ́ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́, ó sì dára kí ẹlẹgbẹ́ ti gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Ewu tó tún pọ̀ jù wà ní ìsàlẹ̀ ímeèlì, níbi tí ojú kì í dé. Akáńtì fèsì, ó ní: “Baba yẹn máa fọwọ́ sí i ṣá, tí kò bá tíì sùn lọ.” Òṣìṣẹ́ wa rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, olùdarí ní kó fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n kò tíì san owó olóúnjẹ. Ó tẹ `Forward`, ó kọ ìkíni ọlọ́wọ̀ sókè, ó fi ránṣẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ló tẹ̀ lé e lọ, tòun ti ti baba tó ń sùn. Ní Gmail, ààyè wà láti dá ímeèlì padà pẹ̀lú `Undo`, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni bí ènìyàn kò bá yí i padà, ọgbọ̀n ló sì pọ̀ jù. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ènìyàn ṣí ímeèlì tuntun, kó so ìwé tí wọ́n béèrè mọ́ ọn, kó fi ìyókù sílẹ̀ níbi tó wà.

Akọ̀wé àgbà lè fèsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré: “Mo fọwọ́ sí i.” Kíkúrú yẹn tọ́ sí i, kò sì túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ náà lè dáhùn pẹ̀lú “Ó dáa”. “Ẹ ṣeun, sà. A ó ṣe bẹ́ẹ̀” ni yóò kọ sí i, nípasẹ̀ olùdarí bí tàkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kó pe akáńtì. Níwọ̀n bí fáìlì oníwèé ṣì ti ń rìn láti tábìlì dé tábìlì ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba, kó tẹ àṣẹ náà jáde, kó fi í sínú fáìlì ètò náà, kí ẹni tó máa yẹ ìwé owó wò lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí i.