Kí Ọmọ Tó Dáhùn, Ojú Rẹ̀ Ti Rìn Jìnnà

Gromit, ajá inú fíìmù alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní Wallace and Gromit, kò lẹ́nu. Nígbà tí Nick Park, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, A Grand Day Out, tó jáde ní 1989, èrò rẹ̀ ni kí ajá náà máa sọ̀rọ̀. Ó pa á tì nígbà tó rí i pé bí òun bá ti fọwọ́ ti amọ̀ bèbè ojú rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn ajá ti hàn. Látìgbà náà, bí Wallace bá dá àbá tí kò mọ́gbọ́n dání, bèbè ojú Gromit ló ń dá a lóhùn.

Ẹ̀dá tó lẹ́nu ló wá ṣòro. Àwọn tó ń ṣe kàtúùnù a máa lo ọjọ́ púpọ̀ lórí bí ètè yóò ṣe bá ohùn mu, síbẹ̀ nígbà tó bá mu tán, ẹ̀dá náà a dà bí ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àkókò tí èèyàn fi ń wá èsì kó tó la ẹnu.

Ká ní ìyá kan bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò yìí?" Ọmọ ní, "Ológbò ni, mà." Irọ́ ni, òun ló jẹ ẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì ju eegun sí. Àwòrán 24, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fírémù, ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fún ọmọ yìí ní fírémù 48.

Fírémù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò ṣe nǹkan kan: ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò, nítorí ó yẹ kí ìbéèrè kọ́kọ́ wọlé. Ní fírémù keje, ẹyinjú rẹ̀ fò sí ìkòkò, ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ní ìkẹtàdínlógún, ó fò sí ọ̀nà yàrá, níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Ibẹ̀ ni yóò pẹ́ sí jù. Bó ti ń wo ibẹ̀ ni bèbè ojú rẹ̀ ń gbéra, ìhà ti inú ṣáájú, ti ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e. Ní fírémù 32, ó ṣẹ́jú. Nígbà tí ojú là padà, ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó fa èémí sínú, bèbè ojú méjèèjì lọ sókè, lẹ́yìn náà ni "Ológbò" tó jáde.

Ká ní òótọ́ ló ń sọ, ẹnu àti ohùn kò ní yí padà rárá. Ojú rẹ̀ ì bá kàn lọ tààrà sọ́dọ̀ ológbò tó ń lá ẹnu lẹ́bàá ààrò, kó sì padà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní ẹyinjú "fò". Ojú ẹni tó ń ronú kì í rọra yí láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó ń já ni, fírémù méjì péré sì ti tó. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí. Bí a bá fún un ní ibi tí ojú ti gbéra àti ibi tó ń lọ, tí a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un, yóò mú ẹyinjú yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ọmọ wa a sì dà bí ẹni tó mutí yó. Ìpéǹpéjú òkè pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bá ẹyinjú rìn: bí ojú bá wolẹ̀ tí ìpéǹpéjú dúró sókè, funfun ojú a yọ, ọmọ a dà bí ẹni tó rí iwin.

Ìṣẹ́jú tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Walter Murch, tó to fíìmù The Conversation ti 1974 pọ̀, ṣàkíyèsí pé ibi tí òun fẹ́ gé àwòrán sábà máa ń bọ́ sí ìtòsí ibi tí òṣèré rẹ̀, Gene Hackman, ti ṣẹ́jú. Ó wòye pé èèyàn ń ṣẹ́jú nígbà tí èrò kan bá parí. Ìdí nìyẹn tí ti ọmọ wa fi bọ́ sí ibi tó ti rí irọ́ tí yóò pa. Fírémù méjì ni ìpéǹpéjú fi ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan ló fi ń pa dé, mẹ́ta ló fi ń gòkè, torí pé lílà a máa lọ́ra ju pípadé lọ. Ẹni tó bá ń mú ẹ̀dá rẹ̀ ṣẹ́jú ní ìwọ̀n kan náà ṣáá, aago ló ń ṣe.

Àwọn kan gbà pé òpùrọ́ a máa wo òkè lápá ọ̀tún. Richard Wiseman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012: kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì ló sọ ohun tí ọmọ náà ń rò, kì í ṣe apá tó kọjú sí.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́, àwọn oníṣẹ́ a pa ohùn rẹ̀, wọn a fọwọ́ bo ẹnu ẹ̀dá náà, wọn a sì bi ẹni tí kò mọ ìtàn náà pé kí ló rò pé ọmọ yìí ń rò. Bó bá ní "ara ń fu ú" níbi tí a ti fẹ́ kó máa ronú lásán, ojú ti fò jù. Kí wọ́n yọ ẹyọ kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí èyí tó kù pẹ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ pé òkèèrè ni kámẹ́rà wà, tí ojú ọmọ náà kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ lára àwòrán, gbogbo làálàá yìí kò ní hàn. Orí àti èjìká ni yóò ṣe é níbẹ̀: kí orí kọ́kọ́ yí sí ìkòkò, kí èjìká gbéra pẹ̀lú èémí, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.