Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá La Ikùn Aláìsàn

Ká ní taifọ́ọ̀dù dá ihò sí ìfun ọkùnrin kan, tí wọ́n sì la ikùn rẹ̀. Ìrora ni nọ́ọ̀sì rẹ̀ máa kọ́kọ́ kọ sínú ètò ìtọ́jú, torí ẹni tí ìrora dè mọ́lẹ̀ kì í lè mí kanlẹ̀, kì í sì lè rìn. Láti òdo dé 10, mélòó ni ìrora náà tó bá wúkọ́? Ó ní 8. Nọ́ọ̀sì kọ àfojúsùn: kó wálẹ̀ sí 3. Ó fún un ní oògùn tí dókítà kọ lásìkò, ó sì tún bi í lẹ́yìn náà.

Ìgbà tí oògùn bá ràn án ni wọ́n máa gbé e jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Tí òòyì kò bá kọ́ ọ, ó lè dìde, kó fọwọ́ di ìrọ̀rí mọ́ ikùn. Èyí ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀ kù.

Ọgbẹ́ yìí tètè ń kó àrùn, nítorí ìgbẹ́ ti dà sínú ikùn. Nọ́ọ̀sì máa fọwọ́ kó tó kàn án, ó sì máa wò ó bóyá ó wú tàbí ó ń ṣọyún.

Bí ìrora tó ti wálẹ̀ sí 3 bá padà di 7 lọ́jọ́ karùn-ún, tí ara sì gbóná, àfikún oògùn ìrora nìkan kò tó: kó pe dókítà kíákíá.