Ìpààrọ̀ èlé: ta ló ń sanwó fún ta, èló sì ni àdéhùn náà tó lónìí?

Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Kùtọnu tàbí Lomé bá lọ yá owó yúrò ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé àdéhùn wọn: Euribor. Àwa yóò máa pè é ní Yúríbọ̀. Òun ni iye èlé tí àwọn báńkì Yúróòpù fi ń rí owó yá lọ́jà, wọ́n sì ń gbé e jáde ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Kì í dúró sójú kan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 títí di oṣù kẹfà ọdún 2022, Yúríbọ̀ olóṣù mẹ́fà wà lábẹ́ òdo. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó ti kọjá ìdá 4 nínú 100, ìyẹn 4%. Ẹni tó yá owó lórí rẹ̀ kò lè sọ lónìí iye tóun máa san lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń ṣe ohun tí àwọn ará báńkì ń pè ní súwápù, tí àwa ń pè ní ìpààrọ̀ èlé. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ òwú kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwa la dá a sílẹ̀ fún ìṣirò yìí o, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan tẹ́ ẹ mọ̀. Ó yá mílíọ̀nù 10 yúrò fún ọdún méjì, ó sì ń san èlé ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà: Yúríbọ̀ pẹ̀lú 2% lórí rẹ̀. Ó wá lọ bá báńkì mìíràn, wọ́n sì fẹnu kò pé: "Èmi á máa san 3% fún ọ, kò ní yí padà. Ìwọ á máa san Yúríbọ̀ fún mi, iye yòówù kó jẹ́." Orí mílíọ̀nù 10 yẹn náà ni wọ́n máa ṣe ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 10 ọ̀hún kò kúrò lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìṣirò nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ní ọjọ́ ìsanwó, 3% fún ìdajì ọdún lórí mílíọ̀nù 10 jẹ́ 150,000 yúrò. Ìyẹn kì í yí padà. Ti báńkì ló ń yí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà: Yúríbọ̀ ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò, òpin rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń san án. Nítorí náà, ní ọjọ́ ìsanwó, ẹ má wo Yúríbọ̀ ọjọ́ náà. Ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wò.

Ká sọ pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Yúríbọ̀ sì jẹ́ 2% lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje, báńkì jẹ ilé-iṣẹ́ òwú ní 100,000, ilé-iṣẹ́ òwú sì jẹ báńkì ní 150,000. Wọn ò ní máa kówó fún ara wọn lọ, kí wọ́n tún máa kó o bọ̀. Ìyàtọ̀ nìkan ni wọ́n ń san: ilé-iṣẹ́ òwú fún báńkì ní 50,000 yúrò, ìyẹn mílíọ̀nù 32 fáráǹkì séfà àti 797,850. Lọ́jọ́ yẹn, Yúríbọ̀ ti di 2.6%, torí náà ní oṣù kìíní tó tẹ̀ lé e, báńkì jẹ 130,000, ilé-iṣẹ́ òwú sì san 20,000. Yúríbọ̀ tún gòkè di 3.4%. Ní oṣù keje, báńkì jẹ 170,000, báńkì ló wá san 20,000 báyìí. Bó bá wá jẹ́ 3.8% fún oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn, báńkì á san 40,000.

Ẹ wá wo ohun tí ilé-iṣẹ́ òwú rí gbà nínú èyí. Ní ọjọ́ kìíní, ó san 4% fún àwọn tó yá a lówó, ìyẹn 200,000, ó tún fún báńkì ní 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250,000. Ní ọjọ́ kẹta, ó san 5.4%, ìyẹn 270,000, ó sì gba 20,000 lọ́wọ́ báńkì. Ó ṣì jẹ́ 250,000. Iye kan náà ni ní gbogbo ìgbà, ohun tó sì ń wá nìyẹn.

Èló wá ni àdéhùn yìí tó? Ẹ jẹ́ ká dúró sí ìparí ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìsanwó kejì. Ìsanwó méjì ló kù. A ti mọ 3.4% ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ńkọ́? Ọjà ló ń sọ ọ́. Bí 1 yúrò bá ń di 1.017 ní oṣù mẹ́fà, tó sì ń di 1.0363 ní ọdún kan, a jẹ́ pé oṣù mẹ́fà kejì sọ ọ́ di púpọ̀ ní 1.019, ìyẹn 3.8% lọ́dún. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ o. Ohun tí iye owó òní gbé kalẹ̀ ni, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ tó bá dọ́jọ́.

Owó ọ̀la kò tó owó òní. 20,000 tó ń bọ̀ ní oṣù mẹ́fà, a máa pín in sí ọ̀nà 1.017: ó di 19,666. 40,000 tó ń bọ̀ ní ọdún kan, a máa fi 1.017 pín in, ká tún fi 1.019 pín in: ó di 38,598. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 58,264 yúrò. Iye tí àdéhùn náà tó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òwú nìyẹn, báńkì sì jẹ̀bi iye kan náà.

Àwọn akọ̀wé owó kan á fẹ́ yọ 70,000 tí ilé-iṣẹ́ náà ti san sẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù níwájú nìkan là ń díwọ̀n. Pé ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ ń sanwó kò túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjà ti ń retí pé Yúríbọ̀ máa gòkè, wọ́n sì yan 3% kí apá méjèèjì lè wúwo bákan náà.

Àmọ́ ká ní Yúríbọ̀ já wálẹ̀ sí 1% lọ́jọ́ tá a dúró sí yìí, tí ọjà sì ń retí 1% náà fún èyí tó kẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ òwú á máa san 100,000 lẹ́ẹ̀mejì. Lówó òní, ìyẹn jẹ́ 198,510. Bó bá fẹ́ tètè san gbèsè rẹ̀ kó sì jáde, báńkì máa béèrè owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe owó ìtanràn, iye àdéhùn náà ni.

Ohun mìíràn tó ti dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni ìgbà tí Yúríbọ̀ wà lábẹ́ òdo. Ọ̀pọ̀ ìwé gbèsè ló sọ pé bí Yúríbọ̀ bá lọ sábẹ́ òdo, òdo la máa kà á sí. Bí ìwé ìpààrọ̀ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó: ní òdo dín 0.5%, ilé-iṣẹ́ òwú á san 100,000 lórí gbèsè. Lórí ìpààrọ̀, á san 150,000 tirẹ̀, á tún san 25,000 tó yẹ kí báńkì san, torí èlé abẹ́ òdo ti yí ojú padà. Àpapọ̀ rẹ̀ di 275,000, kì í ṣe 250,000 tó rò. Ìwé méjèèjì ni kí wọ́n gbé síwájú ara wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bí iye tí báńkì kọ ránṣẹ́ bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́. Àwa lo ìdajì ọdún gan-an, ṣùgbọ́n lápá Yúríbọ̀, iye ọjọ́ gan-an ni wọ́n ń kà, tí wọ́n ń pín sí 360. Ọjọ́ 182 ní 3.4% jẹ́ 171,889, kì í ṣe 170,000.