Nígbà Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bá Já

Lọ́dún 2000, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Eric Brewer, gbé àbá kan kalẹ̀ tí a wá mọ̀ sí CAP. Lọ́dún 2002, Seth Gilbert àti Nancy Lynch fi ẹ̀rí ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ohun tó sọ ni pé bí a bá tọ́jú àkọsílẹ̀ kan náà sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, tí wọn kò wá lè bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀kan la lè rí: kí ìdáhùn wọn bára mu, tàbí kí gbogbo wọn ṣì máa dáhùn.

Ẹ wo agbọ̀n ìrajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà méjì, ìwé àti bàtà ló sì wà nínú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Oníbàárà yọ bàtà kúrò lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ó sì fi fìlà kún un lórí ìkejì, èyí tí kò mọ̀ pé a ti yọ bàtà. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, èwo ni ká gbà gbọ́? Nínú ìwádìí tí Amazon gbé jáde lórí Dynamo lọ́dún 2007, wọ́n ṣàlàyé pé ńṣe ni àwọn ń pa ẹ̀dà méjèèjì pọ̀. Fìlà kò ní sọnù, ṣùgbọ́n bàtà lè tún yọjú.

Ìyẹn ṣeé gbà nídìí ọjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ₦10,000 péré ló kù nínú àkáǹtì, tí kọ̀ǹpútà méjèèjì sì san án, ₦20,000 ti jáde nìyẹn. Níbẹ̀, ó sàn kí ọ̀kan kọ̀ láti dáhùn títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi padà.