'Ṣé mo lè gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀?' Bí ẹ ṣe lè fi fídíò dáhùn ìbéèrè òǹwòran láì fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu

Ká ní ẹ jẹ́ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Lọ́kọ́ja, tí ẹ sì máa ń gbé fídíò iṣẹ́ yín sórí TikTok. Ẹ ṣe fídíò kan lórí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kékeré. Lára ohun tí àwọn òǹwòran kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni èyí:

"Ọ̀gá, òjò ò jẹ́ ká rí jẹ́ń gbé síta. Tí mo bá gbé e sí kọ́rídọ̀, tí mo sì ṣí gbogbo wíńdò, ṣé kò sí wàhálà?"

Ẹ lè kọ "rárá o" sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè nìkan kọ́ ni ìbéèrè yìí kàn. Jákèjádò Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé ló ń ro ohun kan náà ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tí òjò sì ń rọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ fi fídíò dáhùn rẹ̀.

Lórí TikTok, ẹ tẹ "Reply" lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wá tẹ àmì kámẹ́rà tó bá jáde. Ọ̀rọ̀ òǹwòran náà yóò hàn lójú fídíò yín nínú àpótí kékeré kan tí ẹ lè fi ìka sún kiri. Ẹ má gbé e sí ìsàlẹ̀ tàbí ọwọ́ ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni àwọn àmì TikTok fúnra rẹ̀ máa ń bò. Orúkọ tí ẹni náà ń lò yóò hàn pẹ̀lú. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ fi ẹnu yín ka ìbéèrè náà láì dárúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan

Kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó hàn kedere ni ti wíńdò. Èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni ti òjò. Ẹni yìí mọ̀ pé ìta ló yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà, òjò ló lé e wọlé.

Bí ẹ bá dáhùn ti wíńdò nìkan, yóò gbà pé òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá tún rọ̀, kọ́rídọ̀ ni yóò tún gbé e sí. Torí náà, ohun tó máa ṣe lálẹ́ òní gbọ́dọ̀ wà nínú ìdáhùn yín.

Ìdáhùn ni kó ṣáájú

Ọ̀pọ̀ tó máa rí fídíò yìí kò rí ti àkọ́kọ́, wọn ò sì mọ̀ yín rí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni àti ìtàn, àwọn míì á ti kọjá kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé rárá ni ìdáhùn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè lọ:

"Rárá o. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, kódà kí gbogbo wíńdò ṣí sílẹ̀.

"Nínú èéfín rẹ̀ ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń gba ipò atẹ́gùn ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Wíńdò tó ṣí kò lè lé e jáde tó, ẹni tó bá sì ti sùn lè má jí mọ́.

"Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà tó mítà mẹ́fà sí ilẹ̀kùn àti wíńdò, tiyín àti ti aládùúgbò. Ìyẹn tó bí ìṣísẹ̀ gígùn mẹ́jọ. Ẹ má kọjú sálẹ́ńsà rẹ̀ sí ilé kankan. Bí òjò bá ń rọ̀ lálẹ́ òní tí kò sí ibi tẹ́ ẹ lè gbé e sí, ẹ pa á.

"Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí èébì ń gbé yín nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo ará ilé jáde síta kíákíá, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ó ku ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ṣe òrùlé kékeré tí òjò ò fi ní bá a níta. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn àyè yín, kí ẹ kọ ọ́ síbí: ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàrin jẹnẹrétọ̀ yín àti wíńdò tó sún mọ́ ọn jù?"

Ẹ kà á sókè, kí ẹ fi aago fóònù wọn ìgbà tó gbà. Bó bá gùn jù, ẹ dín àlàyé nípa ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ má fọwọ́ kan mítà mẹ́fà, "ẹ pa á" àti àwọn àmì àìsàn.

Kí lẹ lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ṣe. Torí kí èèyàn lè padà wá, wọ́n á ní: "Ẹ fẹ́ mọ àmì tí ẹ máa rí tí èéfín bá ti wọ̀ yín lára? Ẹ dúró de fídíò tó ń bọ̀." Àmọ́ àwọn kan lè tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí fídíò kejì tó jáde.

Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹni tó béèrè kò bá rí fídíò mìíràn gbà lọ́wọ́ yín mọ́ láé, ṣé ohun tó gbọ́ tó láti dáàbò bò ó lálẹ́ òní? Ohunkóhun tó bá mú kí ìdáhùn jẹ́ "rárá" gbọ́dọ̀ wọ inú fídíò yìí. Òrùlé kékeré lè dúró, torí ẹni tó bá pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lè sùn sínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n yóò jí.

Ẹ tún kíyè sí i pé ìpè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe "ẹ sọ èrò yín". Iye ìṣísẹ̀ ló béèrè, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀n láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá kọ "mẹ́ta péré ni, wíńdò aládùúgbò ló wà níbẹ̀" ti fún yín ní ìbéèrè tó ń bọ̀. Bóyá ó sì ti rí ewu tó wà nílé rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yé wọn?

Ẹ ka ohun tí wọ́n bá kọ. Bí ẹ bá rí "ṣé faranda ńkọ́?" lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó túmọ̀ sí pé wọ́n rò pé kọ́rídọ̀ nìkan lẹ kọ̀. Ẹ fi faranda, ilé ìdáná àti gáréèjì kún gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ tún fídíò náà yà.

Bó bá jẹ́ "ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá" nìkan ni wọ́n ń kọ, ìbéèrè tí ẹ fi parí ò tíì fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí iye ìṣísẹ̀ bá ń wọlé, ẹ mú èyí tó kéré jù lọ nínú wọn, kí ẹ tẹ "Reply".